Àkékúrú Inú Àkékúrú: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣẹ́kù

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń ké ọ̀rọ̀ gígùn kúrú. Lẹ́yìn ètò náà ni àwọn olùkọ́ mélòó kan béèrè ohun kan tí ó jọ pé ó rọrùn. Wọ́n ní bí ẹnìkan bá ti ṣe àkékúrú ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n sì tún gbé àkékúrú náà fún wa pé kí a ké e kúrú sí i, kí ni kí a mú dání, kí sì ni kí a jù nù? Ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé kí a wo ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àkékúrú kìíní, kí a mú un, kí a sì gbàgbé ìyókù. Mo fẹ́ fi hàn lónìí pé ìdáhùn yìí kò tó, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí ohun tí àkékúrú kejì nílò jù lọ kò sí nínú àkékúrú kìíní rárá.

Èmi náà ti kọsẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí rí. Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ṣe fún àwọn olùkọ́, ìwé ìléwọ́ olójú ewé kan ni mo kà láti fi múra sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní ṣókí nípa ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe lórí fífi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo sì sọ fún wọn pé, "Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní Ifẹ̀ ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan, ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì, wá na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́? Ní àdúgbò wa nígbà náà, Yorùbá ni a fi ń kọ́ gbogbo wọn títí wọn yóò fi parí kíláàsì kẹta." Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. N óò lọ wò ó." Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti kún, mo rí i pé òótọ́ ni ìyá sọ.

Ìwé ìléwọ́ yẹn kò parọ́ o. Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba èdè tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kejì. Àlàfo ni ó fi síbẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dí i.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òwe yìí ni ẹni tí ó ṣe àkékúrú kìíní gbẹ́kẹ̀ lé. Ó mọ àwọn tí òun ń ṣe é fún. Ó mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ìtàn ìwádìí náà, wọ́n mọ ìdí tí a fi ṣe é àti bí a ti ṣe é. Nítorí náà ó yọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ kúrò, ó mú àbájáde, kò sì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àkékúrú kejì kì í sábà wà fún àwọn ènìyàn kan náà. Ó lè jẹ́ fún ọ̀gá kan tí kò ní ààyè, fún ìwé ìròyìn, tàbí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gbọ́ orúkọ ìwádìí náà rí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí yóò bá pàdé nínú rẹ̀ kí ó tó di odindi. Ohun tí ó bá bá nínú ara rẹ̀ ni yóò fi kún un, ohun náà a sì máa jẹ́ ohun tí ó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwádìí Ifẹ̀ yìí gan-an, kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wò lára pátákó yìí fún ètò wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ó tó bí 170 ọ̀rọ̀:

"Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ìnsítítíúùtì Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Àjọ Fọ́ọ̀dù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ mọ́ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kọ́ wọn ní i. Àwọn ọmọ kíláàsì ìfiwéra fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní ilé-ìwé nígbà náà. A kọ ìwé tuntun ní èdè Yorùbá fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ní ọdún 1973, a mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn. Nígbà tí a dán àwọn ọmọ náà wò, àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, wọn kò sì kẹ́yìn wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì."

Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí àkékúrú jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ tí a ké. Bí a bá tẹ̀lé àṣà yìí, tí a sì ń kọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́ náà dáradára, a lè ní àkékúrú kìíní tí kò ju bí 50 ọ̀rọ̀ lọ. A pe àkọlé rẹ̀ ní "Ìwádìí Ifẹ̀", ohun tí ó sì sọ nìyí:

"Àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà. Ìwé tuntun ní èdè Yorùbá wà fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí a dán wọn wò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ta àwọn yẹn yọ nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, wọn kò sì kẹ́yìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì."

Mo lè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ èyí ní máàkì tí ó dára. Nísisìyí ni a wá sọ pé kí ó ké e sí 30 ọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn. Bí kò bá ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju àkékúrú kìíní lọ, ẹ óò rí i pé irú gbólóhùn tí mo sọ ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni yóò kọ: "Fífi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà mú kí wọ́n ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ nínú gbogbo iṣẹ́." Gbólóhùn náà kúrú, ó sì dùn ún gbọ́. Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀.

Bí a ti ń mọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro, ó kàn gba sùúrù ni. Ẹ fi ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú àkékúrú kejì tí kò sì sí nínú àkékúrú kìíní. Ẹ wò ó: "àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́" kò sí níbẹ̀, "àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn" ni ó wà níbẹ̀. "Mú kí" kò sí níbẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ báyìí, wọ́n sì ta yọ, a kò sọ pé ìkíní ni ó bí ìkejì. "Gbogbo iṣẹ́" náà kò sí níbẹ̀. Ó gbé "kò kẹ́yìn ní Gẹ̀ẹ́sì" mì, ó sì sọ ọ́ di "ta yọ". Níbi tí ìlà wọ̀nyí bá wà, níbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ti ya tí òǹkọ̀wé sì fi amọ̀ ti ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú àkékúrú, a kò lè ké ọ̀rọ̀ kúrú láìyí i padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tí ó ti wá nínú ọ̀rọ̀ kíkún. Èyí tí kò bá lè tọ́ka, láti inú wa ni ó ti jáde.

Iṣẹ́ tí ó kàn nìyí: kí a padà sínú ọ̀rọ̀ kíkún, kí a wo ohun tí àkékúrú kìíní jù nù, kí a sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó padà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣe àṣejù. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ti sọnù, gbogbo rẹ̀ ni wọn óò fẹ́ kó padà, 30 ọ̀rọ̀ kò sì lè gbà á. Kì í ṣe gbogbo ìpìlẹ̀ ni ó ru òrùlé. Pé Àjọ Fọ́ọ̀dù fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, kò sí ohun tí ó yí padà nínú àbájáde. Bákan náà ni orúkọ ìlú tí ilé-ìwé náà wà, àti ọdún 1973 tí iṣẹ́ náà gbòòrò. Àwọn wọ̀nyí lè wà níbi tí àkékúrú kìíní jù wọ́n sí.

Èdè tí a fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìfiwéra yàtọ̀. "Ta yọ" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiwéra, ọ̀rọ̀ ìfiwéra kò sì lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí a ta yọ. Bí òǹkàwé kò bá mọ ẹni náà, kò mọ ohun tí a sọ. Ìwádìí Ifẹ̀ kò fi ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá wé ọmọ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́fà ni ó fi wé ọdún mẹ́ta. Ìbéèrè tí ó dáhùn ni pé ǹjẹ́ ó dára kí a máa yí ọmọ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn kíláàsì kẹta, tàbí kí a jẹ́ kí ó máa bá Yorùbá lọ? Ìbéèrè yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti òbí tí ń ronú bóyá kí òun mú ọmọ òun lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní. Ìwádìí náà kò dán irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn mi ti ọjọ́ yẹn yóò rò pé ó ti dán an wò, yóò sì gbé e lọ síbi àríyànjiyàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó gbóná sì ni. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lórí èyí, ní apá yòówù kí ó wà, gbólóhùn kúkúrú ni yóò máa wá kiri.

Olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ mọ́ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Òun náà ru nǹkan, ṣùgbọ́n ohun kan péré ni ó rù. Ó wà lábẹ́ gbólóhùn tí ó sọ pé àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn láìgbọ́ nípa olùkọ́ yìí yóò rò pé Gẹ̀ẹ́sì dá mọ̀ wọ́n lára ni, láìsí ẹni tí ó fara balẹ̀ kọ́ wọn. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwọ̀nyí, ọwọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ níbẹ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a kó gbogbo ohun tí ó ru òrùlé padà, kí a wò bí yóò ti rí: "Ní ìwádìí Ifẹ̀ ti ọdún 1970, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ àkànṣe sì kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ta àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọn kò sì kẹ́yìn ní Gẹ̀ẹ́sì." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 44 ni. Mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ lọ. Èwo?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yọ olùkọ́ àkànṣe, nítorí pé ó dàbí àlàyé lásán, wọn yóò sì mú "kò kẹ́yìn ní Gẹ̀ẹ́sì" dání nítorí pé àbájáde ni. Lójú tèmi, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nìyẹn. Ìpìlẹ̀ àti ohun tí ó dúró lé e lórí gbọ́dọ̀ jọ lọ tàbí kí wọ́n jọ dúró. Bí ààyè kò bá gba olùkọ́, kò gba ọ̀rọ̀ nípa Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹ yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kọ "ti 1970" dípò "ti ọdún 1970", ohun tí ó kù yóò jẹ́ 30 géérégé: "Ní ìwádìí Ifẹ̀ ti 1970, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ta àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì." Mo mọ̀ pé yóò dun ẹlòmíràn pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ìyẹn gan-an ni ó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí a kò sọ ohun kan fún ṣì lè béèrè; èyí tí a sọ ààbọ̀ fún ti rò pé òun mọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé tuntun, tí ó wà nínú àkékúrú kìíní, ti jáde kúrò nínú èyí, ọ̀rọ̀ nípa ọdún mẹ́ta, tí kò sí nínú àkékúrú kìíní, sì ti wọlé. Àkékúrú kejì kì í ṣe ọmọ àkékúrú kìíní. Àbúrò rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kíkún ni òbí àwọn méjèèjì. Ohun tí ó jẹ́ kí ìwé tuntun jáde ni ẹni tí a ń kọ̀wé fún. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé kan ni ó ní kí a ké e kúrú fún òun, tí ó sì fẹ́ gbìyànjú irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé tirẹ̀, kí ni yóò fi ẹni tí a ta yọ ṣe? Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ó fẹ́ mọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, 30 ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí: "Láti fi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní Ifẹ̀, wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, wọ́n sì fi olùkọ́ àkànṣe sí ìdí Gẹ̀ẹ́sì." Kò sí àbájáde kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ òun ni ó wúlò jù fún un, nítorí pé bí ó bá fi ìwé àti olùkọ́ sílẹ̀ tí ó sì mú èdè nìkan, ètò mìíràn ni ó ń ṣe, kì í ṣe ti Ifẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè nínú kíláàsì pé, "Sà, bí ọ̀rọ̀ kíkún kò bá sí ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àkékúrú kìíní nìkan ni yóò tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà bẹ́ẹ̀, a kò lè dá ìpìlẹ̀ padà, ṣùgbọ́n a lè yẹra fún dídí àlàfo. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí a lo ọ̀rọ̀ àkékúrú kìíní gan-an níbi tí àlàfo bá wà, kí a má ṣe fi èyí tí ó ṣe pàtó rọ́pò rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí àlàfo náà hàn: "Àkékúrú kan sọ pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìṣirò, kò sọ èdè tí a fi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ náà." Àwọn olóòtú kì í fẹ́ràn irú gbólóhùn yìí, wọ́n ní kò lágbára. Bí olóòtú bá kọ̀ ọ́, ẹ yọ ìfiwéra náà pátápátá, kí ẹ sì sọ ohun tí ó lè dá dúró, pé a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, a sì dán wọn wò.

Ó ku ohun kan tí ó jẹ́ ti ọwọ́ ju ti orí lọ. Àkékúrú kejì lè bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe ẹ̀kẹta, odindi gbólóhùn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń gé dànù. Bí a bá kọ ìpìlẹ̀ sí gbólóhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí àpẹẹrẹ, "Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta," òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í ṣe ara orúkọ tí a pe àwọn ènìyàn náà, tí a kọ "àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta", ẹni tí ó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún wọn kí ó tó lè gé e, níbi tí ó bá sì ti ń wá a ni yóò ti rí i pé òun kò ní òmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a óò mú ìròyìn ìpàdé ẹgbẹ́ kan wá síbí, a óò sì ké e ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójú yín. Ẹ mú pẹ́ńsù àti ìwé dání. Ó dàbọ̀ o.